Jígí Òòfà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí Òòfà Ayé Ṣe Ń Há Horo Oníná Mọ́

Kí ni wọ́n ń pè ní jígí òòfà?

Ibi tí àwọn ìlà òòfà, ìyẹn àwọn ìlà tí a ń fi inú yà láti fi ibi tí òòfà kọjú sí hàn, ti ń sún mọ́ra wọn ni. Níbi tí ìlà wọ̀nyí bá ti jìnnà síra, òòfà rọ̀ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fún pọ̀, òòfà le níbẹ̀. Bí horo bíńtín kan tó ní iná mànàmáná lára, ì báà jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí pírótọ́ọ̀nù, bá ń bọ̀ láti ibi tí òòfà ti rọ̀ lọ síbi tó ti le, eré tó ń bá lọ síwájú á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, eré iwájú náà á tán, horo á sì yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sì forí sọ nǹkan kan.

Bí irú ibi bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, horo náà á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín wọn. Bí ayé tiwa ṣe rí nìyẹn. Ìlà òòfà ayé ń jáde láti apá gúúsù, ó ń gòkè lọ jìnnà lókè agbedeméjì ayé, ó sì ń wọlé padà ní apá àríwá. Lókè agbedeméjì, àwọn ìlà náà tú ká. Nítòsí ilẹ̀ ní apá méjèèjì, wọ́n fún pọ̀. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ní jígí méjì, ọ̀kan ní àríwá, ọ̀kan ní gúúsù.

Kí ló dé tí horo oníná fi ń yí ìlà òòfà ká?

Ẹ̀gbẹ́ ni ipá òòfà máa ń ti horo sí, ní gbogbo ìgbà. Kì í tì í síwájú lójú ọ̀nà tó ń tọ̀, kì í sì í fà á sẹ́yìn. Ohun tí a bá sì ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìdáwọ́ dúró, yíyípo ló máa yípo. Eré horo náà wá pín sí méjì: apá kan ló fi ń yí ìlà ká, apá kejì ló fi ń bá ìlà lọ gbọọrọ. Bí ẹ bá pa méjèèjì pọ̀, ọ̀nà tó ń tọ̀ lọ́ bíi sípíríǹgì tí ìlà òòfà gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ẹ di ohun kan mú níbí, torí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ipá tó ń ti nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan kò lè fi agbára kún un, kò sì lè yọ kúrò nínú rẹ̀. Àpapọ̀ eré horo kì í yí padà nínú òòfà tó dúró sójú kan; ibi tí eré náà kọjú sí nìkan ló ń yí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ni òòfà ń tì í sí, kí ló wá ń tì í padà?

Ìbéèrè yìí ló ń dààmú àwọn ènìyàn jù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ro ibi tí àwọn ìlà òòfà ti tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Horo ń yípo níbẹ̀, ipá tó ń tì í sì kọjú sí àárín òbìrípo náà gan-an. Ipá yìí kò tẹ̀ síwájú, kò tẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà eré iwájú kò yí padà.

Ẹ wá ro ibi tí àwọn ìlà ti ń fún pọ̀. Horo kò sí lórí ìlà tó wà láàárín. Etí òbìrípo ló wà, níbi tí ìlà òòfà ti tẹ̀ díẹ̀ sínú. Ipá òòfà sì gbọ́dọ̀ dábùú ìlà tó wà níbi tí horo wà gan-an, kì í ṣe ìlà àárín. Bí ìlà yẹn bá ti tẹ̀ sínú, ipá tó dábùú rẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, sí ìhà ibi tí òòfà ti rọ̀. Bí horo ti ń yípo, apá ipá tó kọjú sí àárín ń yí ojú padà, ó sì ń pa ara rẹ̀ rẹ́ tí yíyípo kan bá pé. Ṣùgbọ́n apá kékeré tó kọjú sẹ́yìn kò yí ojú padà rárá. Òun ló ń kóra jọ láti ìgbà dé ìgbà, òun ló sì ń dá horo padà.

Láti inú èyí ni ẹ ó ti rí i pé horo tó bá ń bá ìlà àárín lọ ṣánṣán, tí kò yípo rárá, kò ní rí ipá kankan tó máa dá a padà. Yíyípo ni jígí náà fi ń rí i mú.

Ṣé jígí kan náà ló ń dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti pírótọ́ọ̀nù padà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Iná ara wọn lòdì síra, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yípo náà lòdì síra. Ìyàtọ̀ méjèèjì pa ara wọn rẹ́, ipá ìdápadà sì kọjú sí ibi kan náà fún àwọn méjèèjì: ibi tí òòfà ti rọ̀.

Níbo ni agbára eré iwájú ń lọ nígbà tó bá ń dín kù?

Inú yíyípo ló ń lọ. Bí horo ti ń wọ ibi tí òòfà ti le, ó ń yípo kíákíá sí i, òbìrípo rẹ̀ sì ń kéré sí i. Àpapọ̀ agbára kò yí padà, ohun tó kúrò níwájú ti bọ́ sínú ìyípo. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé horo ń dúró níbi jígí. Eré iwájú nìkan ló tán níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń yípo jù lọ.

Iye kan wà tí kì í yí padà ní gbogbo ìrìn yìí:

```
μ = m·v⊥² / (2B)
```

v⊥ ni eré ìyípo, B ni líle òòfà, m sì ni ìwọ̀n horo. Bí B bá di ìlọ́po méjì, v⊥² gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Fún horo tí eré rẹ̀ súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀, ipa ìrìn, p⊥, ni a ń lò dípò eré, tí p⊥²/B kò sì ní yí padà. Ẹ má ka μ sí òfin tí kò ṣeé rú. Ó dúró kìkì bí òòfà tí horo ń bá pàdé kò bá yí padà púpọ̀ láàárín ìyípo kan. A ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tí horo yóò ti yí padà?

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ nílò: igun tó wà láàárín ibi tí horo kọjú sí àti ìlà òòfà, nígbà tó wà níbi tí òòfà ti rọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní igun ìrìn, α. Bí igun yìí bá tóbi, yíyípo ló pọ̀ nínú eré rẹ̀. Bí ó bá kéré, lílọ síwájú ló pọ̀. Nígbà tó bá dé jígí, igun náà ti di 90, torí kò sí eré iwájú mọ́. Láti inú μ, a rí:

```
sin²α = B₀ / Bₘ
```

B₀ ni òòfà níbi tó ti rọ̀ jù, Bₘ sì ni òòfà níbi tí horo ti yí padà. Ẹ wò ó dáadáa: ìwọ̀n horo kò sí níbẹ̀, agbára rẹ̀ kò sí níbẹ̀, iná ara rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ àti pírótọ́ọ̀nù tó ń rọra lọ yóò yí padà níbì kan náà bí igun wọn bá dọ́gba. Lójú tèmi, èyí ló dára jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ kan?

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan tí agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì. Eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 94 nínú 100 eré ìmọ́lẹ̀. Ó wà lórí ìlà òòfà tó jẹ́ pé, lókè agbedeméjì ayé, ó jìnnà sí àárín ayé ní ìlọ́po 4 rédíọ́ọ̀sì ayé (rédíọ́ọ̀sì ayé jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 6,371). Ẹ jẹ́ ká ka òòfà ayé sí ti ọ̀pá òòfà lásán, èyí tó súnmọ́ òtítọ́ dáadáa ní ibi tí a wà yìí.

Lórí ilẹ̀ ní agbedeméjì ayé, òòfà jẹ́ nǹkan bí nánótẹ́sílà 31,000. Bí a bá jìnnà ní ìlọ́po 4, ó máa dín kù ní ìlọ́po 4 × 4 × 4, ìyẹn 64, tó fi ku nǹkan bí nánótẹ́sílà 484. Nínú òòfà yẹn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wa ń yípo ní nǹkan bí ìgbà 4,600 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Ẹ fún un ní igun ìrìn 30. Láti àárín òbìrípo rẹ̀ dé etí jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 5, èyí tó kéré gan-an sí ìlà tó gùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí μ fi dúró dáadáa níbí.

Sínì 30 jẹ́ ìdajì, sínì tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, yóò yí padà níbi tí òòfà ti le ní ìlọ́po 4, ìyẹn nǹkan bí nánótẹ́sílà 1,940. Lórí ìlà yìí, ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí digíríì 33 sí agbedeméjì òòfà ayé, ní àríwá àti ní gúúsù, ó sì ga ju ilẹ̀ lọ ní nǹkan bí kìlómítà 11,500. Ní ibẹ̀, ipa ìyípo rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, òòfà sì ti di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà òbìrípo rẹ̀ ti fún di ìdajì, nǹkan bí kìlómítà 2.5. Láti agbedeméjì dé àríwá, padà dé gúúsù, kó tún padà sí agbedeméjì, kò gbà ju nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 sẹ́kọ́ńdì kan lọ. Kò sì súnmọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí rárá.

Ṣé gbogbo horo ni jígí òòfà ayé lè há mọ́?

Rárá. Ẹ padà sórí ìlà kan náà. Bí a bá tẹ̀lé e dé nǹkan bí kìlómítà 100 sókè ilẹ̀, òòfà ti le níbẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 110 ti agbedeméjì. Horo tí jígí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yóò wọ inú afẹ́fẹ́ tó ki kó tó rí ibi yí padà. Yóò máa kọlu átọ̀mù afẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò, igun ìrìn tó ṣe ààlà náà jẹ́ nǹkan bí digíríì 5.5. Horo tó bá ní igun tó kéré sí èyí, ó ti sọnù. Ìhà yìí ni à ń pè ní kóònù àdánù, torí pé àwọn ọ̀nà tó ń sọnù wọ̀nyí dà bí kóònù tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀.

Kóònù yẹn kéré púpọ̀. Bí horo bá kọjú sí ìhà gbogbo láìṣojúsàájú, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò tó ẹyọ 1 nínú 200. Ìyókù ló há mọ́.

Kí ló dé tí àwọn horo yìí fi ń yí ayé ká pẹ̀lú?

Nítorí pé òòfà kò le bákan náà ní etí méjèèjì òbìrípo horo. Ní ìhà tó kọjú sí ayé, òòfà le díẹ̀ sí i, horo sì yí ṣókí níbẹ̀. Ní ìhà òde, òòfà rọ̀ díẹ̀, ó sì yí fẹ̀. Òbìrípo náà kò wá pàdé ara rẹ̀, ńṣe ló ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Títẹ̀ tí ìlà òòfà tẹ̀ ń fi kún sísún yìí.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń sún lọ sí ìlà oòrùn, pírótọ́ọ̀nù ń sún lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a ṣe ìṣirò rẹ̀ lókè ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 19. Ìrìn mẹ́ta ló wà nìyẹn, eré wọn kò sì bára wọn mu rárá: yíyípo nínú ìdá kékeré sẹ́kọ́ńdì, lílọ-bíbọ̀ tí kò tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì, àti yíyí ayé po ní ìṣẹ́jú púpọ̀. Bí irú méjèèjì ti ń sún lòdì síra, iná mànàmáná ń ṣàn yí ayé ká sí ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tí ìjì bá ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá, ìṣàn yìí ń le sí i, òòfà lórí ilẹ̀ sì ń dín kù díẹ̀. Bí àwọn ilé ìwọn-òòfà ṣe ń mọ̀ pé ìjì ti dé nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe rí i pé horo wà ní àhámọ́ lókè ayé?

Sátẹ́láìtì Explorer 1, tí Amẹ́ríkà gbé lọ sókè ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1958, gbé ẹ̀rọ Gáígà kan dání, èyí tí James Van Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Iowa ṣe láti ka ìtànṣán. Nítòsí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà ka iye tí wọ́n retí. Nígbà tó bá gòkè gan-an, ó máa ń ka òdo.

Explorer 3, tó gòkè ní oṣù kẹta ọdún náà, gba gbogbo ìkà sílẹ̀ sórí téèpù, ohun kan náà ló sì fi hàn: iye á gòkè, á wá já sí òdo, á tún padà gòkè. Carl McIlwain gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ síwájú ìtànṣán tó le ní ilé ìwádìí, ó sì rí i pé bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà kì í ráyè sinmi láàárín ìkà méjì, òdo ló sì máa ń kọ. Òdo yẹn kì í ṣe àìsí ìtànṣán, àpọ̀jù rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1958, Van Allen kéde ohun tí wọ́n rí. Lónìí, à ń pe àwọn ibẹ̀ ní ìgbànú Van Allen, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde.

Bí jígí kì í jẹ́ kí horo jáde, báwo ni wọ́n ṣe wọlé?

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọ̀nà tí horo kò lè gbà jáde, horo míì kò lè gbà á wọlé. Láti wà ní àhámọ́, a gbọ́dọ̀ bí i sínú rẹ̀ ni, tàbí kí nǹkan kan da ìrìn rẹ̀ rú nígbà tó ń kọjá.

Bí a ṣe ń bí wọn sínú rẹ̀ ni ti pírótọ́ọ̀nù alágbára tó wà nínú ìgbànú ti inú. Ìtànṣán láti ojú òfurufú jíjìn kọlu átọ̀mù afẹ́fẹ́, níútírọ́ọ̀nù sì ta jáde sókè. Níútírọ́ọ̀nù kò ní iná lára, nítorí náà òòfà kò kàn án, ó ń kọjá tààrà. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ láyé: ní ìpíndọ́gba, kò pé ìṣẹ́jú 15 tó fi ń yí di pírótọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Díẹ̀ nínú wọn ń yí padà lójú ọ̀nà, láàárín ìlà òòfà gan-an. Lójú ẹsẹ̀ tó bá ti di pírótọ́ọ̀nù, òòfà ti mú un. Ti ìgbànú òde yàtọ̀: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti ẹ̀yìn ayé, ní ìhà tí oòrùn kò tàn sí, ni ìjì ń tì wọlé, tí ìgbì inú òòfà sì ń fi agbára kún.

Ṣé ènìyàn lè kó horo kún inú àhámọ́ yìí?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 1962, Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù átọ̀mù kan tí wọ́n pè ní Starfish Prime ní nǹkan bí kìlómítà 400 sókè erékùṣù Johnston ní òkun Pàsífíìkì. Agbára rẹ̀ tó ti tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1.4 àdó olóró TNT. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jáde lára àwọn àfọ́kù rẹ̀ bọ́ sórí ìlà òòfà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì há síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn mìíràn fún ọdún. Sátẹ́láìtì Telstar 1, tí wọ́n gbé lọ sókè lọ́jọ́ kejì, ń gba àárín wọn kọjá, ìtànṣán sì ba àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 1963, ó ti dákẹ́.

Ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn fi hàn ni bí àhámọ́ yìí ṣe lágbára tó. Bọ́ǹbù kan ṣoṣo, tó bú láàárín ìṣẹ́jú àáyá, yí gbogbo agbègbè ayé padà fún ìgbà pípẹ́.

Kí ló ń mú horo tó ti há kúrò ní àhámọ́?

Ohunkóhun tó bá lè yí òòfà padà láàárín ìyípo kan, tàbí tó bá lè gbá horo lójijì, ló lè ba μ jẹ́. Èyí tó rọrùn láti rí ni kíkọlu átọ̀mù afẹ́fẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ṣì wà díẹ̀.

Lókè, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ìgbì ló ń ṣe é. Ẹ rántí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wa ń yípo ní ìgbà 4,600 ní sẹ́kọ́ńdì. Bí ìgbì kan bá wà tó jẹ́ pé, bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti ń sáré pàdé rẹ̀, iye ìgbà tó ń rí i tó ń lù bá ìyípo tirẹ̀ mu, ìgbì náà á máa tì í lásìkò kan náà nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìtì kọ̀ọ̀kan kéré, ó lè mú igun ìrìn pọ̀ sí i, ó sì lè dín in kù. Ṣùgbọ́n bó ti ń pàdé ìgbì léraléra, igun rẹ̀ ń rìn gbéregbère, títí tí yóò fi ṣèèṣì bọ́ sínú kóònù àdánù. Bó bá ti bọ́ síbẹ̀, ó ti lọ kó tó pé sẹ́kọ́ńdì kan. Mànàmáná tó ń kọ nínú òjò pàápàá ń rán irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ sókè.

Ọ̀nà kẹta kan àwọn horo tí agbára wọn pọ̀ jù. Bí òbìrípo wọn bá ti ń tóbi débi pé ìlà òòfà ti tẹ̀ gan-an láàárín rẹ̀, μ kò nítumọ̀ mọ́, àhámọ́ sì ti tú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Àtìláńtíìkì?

Àárín òòfà ayé kò sí ní àárín ayé gan-an. Ó yẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 500, sí ìhà ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì. Nítorí náà, ní òdìkejì, lókè Bùràsíìlì àti Gúúsù Àtìláńtíìkì, òòfà rọ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Ẹ wá lo ohun tí a ti mọ̀. Horo ń yí padà níbi tí òòfà bá ti tó Bₘ, iye yìí kì í sì í yí padà bó ti ń yí ayé po. Níbi tí òòfà ti rọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí i kó tó rí Bₘ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìgbànú inú fi sọ̀ kalẹ̀ di kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lókè Gúúsù Àtìláńtíìkì, níbi tí sátẹ́láìtì ń gbà kọjá. Awò ojú òfurufú Hubble máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tó bá ń kọjá níbẹ̀.

Ó tún ní àbájáde kan tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Horo tí kò sí nínú kóònù àdánù níbòmíràn lè bá ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ nígbà tó bá dé ibí yìí. Fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wa, kò ju ìṣẹ́jú 19 lọ kó tó kan ibẹ̀.

Ṣé horo tó jò kúrò nínú ìgbànú Van Allen ló ń fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tó ń tàn ní òru nítòsí àríwá àti gúúsù ayé?

Èyí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n fún ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ rekete, tó rí gbọọrọ bí aṣọ títa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń fa ìyẹn kò lágbára tó ti ìgbànú; ẹgbẹ̀rún mélòó kan ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì ni wọ́n sábà máa ń ní. Ipá iná mànàmáná kan, tó bá ìlà òòfà lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lókè, ló ń tì wọ́n wá sísàlẹ̀. Ìtì yẹn ń fi kún eré iwájú wọn, nítorí náà jígí kò lè dá púpọ̀ nínú wọn padà mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó rọra tàn káàkiri láìní àwòrán ló jẹ́ ti àwọn tí ìgbì tì bọ́ sínú kóònù àdánù, bí a ti sọ lókè.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ láti inú ìwọ̀n sátẹ́láìtì pé horo há mọ́ tàbí pé ó ń sọnù?

Igun ni ẹ ó wò, kì í ṣe iye nìkan. Ẹ̀rọ tó kọjú dábùú ìlà òòfà ń ka àwọn tó há mọ́. Èyí tó kọjú bá ìlà lọ ń ka àwọn tó wà nínú kóònù. Bí ti kejì bá kéré gan-an sí ti àkọ́kọ́, àhámọ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìgbì ń kún kóònù náà kíákíá bó ti ń ṣófo, àdánù sì pọ̀.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn wá kóònù yìí pẹ̀lú sátẹ́láìtì tó wà lókè agbedeméjì. Digíríì 5.5 ni kóònù ìlà wa níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ojú wọn sì fẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà ohun tó há àti ohun tó ń sọnù á dàpọ̀ mọ́ra wọn. Lórí ìlà kan náà, ní nǹkan bí kìlómítà 800 sókè ilẹ̀, kóònù ti fẹ̀ di nǹkan bí digíríì 60, torí òòfà ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó ti ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ ni ìwọ̀n àdánù ti ń dánilójú.

Bí a bá mú òòfà le ní ìlọ́po méjì níbi gbogbo, ṣé horo tó máa há yóò pọ̀ sí i?

Kò ní pọ̀ sí i. Ẹ tún wo ìṣirò náà: B₀ lórí Bₘ ló wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá di ìlọ́po méjì, kò sí ohun tó yí padà nínú kóònù àdánù. Òbìrípo horo á kéré sí i, μ á sì dúró dáadáa sí i, ṣùgbọ́n igun àdánù kò ní yí. Bí òòfà ìpẹ̀kun ṣe le ju ti àárín lọ ló ṣe pàtàkì.

Ibí yìí ni àwọn tó fẹ́ fi jígí òòfà há gáàsì gbígbóná mọ́, kí átọ̀mù lè so pọ̀ nínú rẹ̀, ti ń bá ìṣòro pàdé. Bí ìpẹ̀kun bá le ní ìlọ́po 2 péré, nǹkan bí horo 29 nínú 100 ló wà nínú kóònù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwọn yẹn bá lọ tán, ìyókù ń kọlu ara wọn, ìkọlù sì ń tì àwọn mìíràn bọ́ sínú kóònù. Kí átọ̀mù tó lè so pọ̀, horo gbọ́dọ̀ kọlu ara wọn, àmọ́ ìkọlù tó kàn ń yí igun padà pọ̀ ju èyí tó ń so wọ́n pọ̀ lọ fíìfíì. Ẹ̀rọ ńlá kan, MFTF-B, tí wọ́n kọ́ sí Livermore ní Amẹ́ríkà, parí ní ọdún 1986, wọ́n sì pa á tì láìlò ó. Lókè ayé, ìlà wa ní ìlọ́po 110, horo kì í sì í sábà kọlu ara wọn. Pírótọ́ọ̀nù alágbára nínú ìgbànú inú lè máa lọ, kó máa bọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.